Ìwé ìrìn-àjò mi: láti Mínà dé Bẹẹrẹ

Ọjọ́rú, aago mẹ́fà àárọ̀. Gáréèjì, Mínà.

Ọkọ̀ ò tíì kún. Ó ku èèyàn mẹ́ta. Bọ̀ọ̀dá mi ti gba ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yìí lọ́wọ́ mi lálẹ́ àná, ó fi rúlà fa ìlà sí i bí ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù: Gbọ̀ngàn Mápó (1929), Ilé-ìṣọ́ Òkè Ààre (1936), Yunifásítì (1948), Kòkó Háòsì (1965). Ó ní kí n máa fàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo bá ti rí i. Òun fúnra rẹ̀ ò dé Ìbàdàn rí o.

Èmi náà ò kọjá Bídà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ọdún 21.

Awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ ìléwọ́ nu ojú ara rẹ̀, ó wá fi aṣọ yẹn kan náà nu gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ó fara balẹ̀ nu gíláàsì ju bó ṣe nu ojú lọ. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Jẹ́bà, lẹ́yìn ọ̀sán.

Mo kọ ọ́ pé "Odò Ọya gbòòrò púpọ̀." Mo ti fagi lé e. Ta ni ò mọ̀ pé ó gbòòrò?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti Bídà ni ìyá tó jókòó tì mí ti ń bá ọkùnrin iwájú wa jà nítorí fèrèsé. Ìyá ní kí wọ́n tì í, eruku ń wọlé. Ọkùnrin ní ooru fẹ́ pa òun. Wọ́n tì í, wọ́n ṣí i, títí ó fi sú wa. Ìgbà tí ọkọ̀ gun orí afárá, ìyá yìí fúnra rẹ̀ ló ṣí fèrèsé. Ó na ọwọ́ síta, ó la ìka rẹ̀ márààrún sínú atẹ́gùn, kò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà dákẹ́. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Bí a ṣe kúrò lórí omi báyìí, ó fa ọwọ́ wọlé, ó sì ti fèrèsé pa gbàgà. Ìjà tún bẹ̀rẹ̀.

Mi ò bi í léèrè. Ó wù mí kí n bi í.

Bódè Sáàdù.

Ọmọbìnrin kan gbé igbá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: "Àǹtí, ẹ ra wàrà! Wàrà gbígbóná rèé o!"

Hausa la fi ń nájà ní Mínà. Yorùbá, inú ilé ló ń gbé: òun la fi ń gbàdúrà, òun ni màmá mi fi ń bú wa. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí mi ò mọ̀ rí ní títì gbangba báyìí. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń pè mí láti inú pálọ̀ wa, tí mo wá bojú wẹ̀yìn, tí mi ò rí pálọ̀ kankan. Mo ra wàrà mẹ́fà. Mi ò kí ń jẹ wàrà.

Òjòó, alẹ́ ti lẹ́.

Máíkírà ni wọ́n fi ń ṣe takisí níbí, ọkọ̀ kékeré bí agolo. Awakọ̀ ń pariwo: "Ìwó Róòdù! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Èmi ò ní ṣéńjì. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó fi 1,000 náírà kan lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, ó ní èmi àti rẹ̀ ni ká jọ pín in, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Bó ṣe so wá pọ̀ nìyẹn láìsí alárinà. A wá ń rìn kiri, ọkùnrin tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ àti èmi, à ń bẹ àwọn ọlọ́jà kí wọ́n bá wa ṣẹ́ 1,000 náírà. Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Níkẹyìn ó ra gúgúrú kó lè rí i ṣẹ́, ó ka owó tèmi fún mi, ó sì da ìdajì gúgúrú lé mi lọ́wọ́. "Ẹ kú ìrìn o," ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo jẹ ẹ́ dé Géètì.

Ọjọ́bọ̀. Bẹẹrẹ.

Alẹ́ àná ti rẹ̀ mí jù láti kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ìyá Bẹẹrẹ, ló wá ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́." Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú, kò sẹ́ni tó fi oríkì pè mí mọ́. Mo ti rò ó láti Mínà pé wọn yóò sunkún, nítorí bàbá mi ti pẹ́ tó fi ilé sílẹ̀. Wọn ò sunkún. Ojú wọn gbẹ. Wọ́n ní kí n wọlé kí ẹ̀fọn má baà tẹ̀lé mi.

Ní ọ̀sán òní wọ́n ro àmàlà. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò wọ́n. Omi hó, wọ́n da èlùbọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n fi ẹsẹ̀ di ìkòkò mú, wọ́n wá ń fi ọmọrogùn lù ú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Kò pariwo lásán, ó ń lọ bí ìlù: ó yá, ó yá, ó falẹ̀, wọ́n bu omi gbígbóná sí i, wọ́n dé e. Wọ́n gbé ọmọrogùn fún mi. Tèmi mú kókó kíákíá.

"Ṣé tùwó lo rò pé ò ń rò ni?"

Wọ́n bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e, wọ́n sì jẹ gbogbo kókó náà láìsọ nǹkan kan. Èyí tí wọ́n rò, èmi ni wọ́n gbé e fún.

Ẹtì.

Àlàbí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mú mi gun òkè Mápó. Mo lè fàmì síbẹ̀ fún bọ̀ọ̀dá mi. Àwọn òpó ilé náà ga, àwọn ìyàwó tuntun ń ya fọ́tò níbẹ̀. Àlàbí ò wo ilé yẹn rárá. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń nàka sí ìsàlẹ̀, sí òrùlé onípáànù tó ti dípẹtà, ọ̀kan lórí èkejì títí ojú ò fi tó o mọ́. "Ẹ wá ilé wa." Mo wá a, mi ò rí i. Ó rẹ́rìn-ín títí. Páànù tuntun mẹ́ta ló wà lórí tiwa, wọ́n ń dán láàárín ìpẹtà. Òjò ló gbé àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ló wí, òun àti bàbá òun ni wọ́n jọ lé e ní òpópónà títí dé ẹnu gọ́tà.

Àbámẹ́ta.

Òjò. Mo rí Kòkó Háòsì láti inú ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀. Ó ga.

Àìkú, alẹ́.

Ọ̀la ni mò ń padà. Mo sọ fún Ìyá Bẹẹrẹ pé mi ò dé Yunifásítì, mi ò dé Òkè Ààre, bọ̀ọ̀dá mi yóò bínú. Wọ́n ní, "Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo," wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wá ni mò ń kọ látàárọ̀? Wọ́n ní kí n kà á sétí àwọn.

Mo ka ti fèrèsé. Wọ́n ní ìyá yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Mo ka ti gúgúrú, wọ́n ní ọkùnrin náà ti ní ìyàwó nílé, kí n fọkàn balẹ̀. Mo ka ti alẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ló sọ fún ọ pé ojú mi gbẹ?"

Mo ní mo rí wọn.

"Pẹ̀lú iná wo? Ṣé iná wà lálẹ́ ọjọ́ náà?"

Iná ò sí lóòótọ́. Àtùpà wà lẹ́yìn wọn, nínú yàrá. Mo fagi lé gbólóhùn yẹn, mo kọ ọ́ sókè rẹ̀ ní wẹ́wẹ́: iná ò sí, mi ò rí ojú wọn.