Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Àyẹ̀wò Ikú: Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ 2025, 12:00 ọ̀sán, yàrá ìpàdé wọ́ọ̀dù.

Àwọn tó wà níjòókòó: dókítà àgbà wọ́ọ̀dù (alága), métírọ́ọ̀nù, dókítà méjì, nọ́ọ̀sì mẹ́ta, aṣojú lábù, apoògùn. Nọ́ọ̀sì àgbà ló kọ àkọsílẹ̀. A kò kọ orúkọ aláìsàn tàbí ti òṣìṣẹ́ kankan.

Iṣẹ́ ìpàdé tó kọjá: wọ́n ti tún ẹ̀rọ ọ́síjìn ṣe. Ọ̀rọ̀ náà parí.

Aláìsàn kìíní. Ọmọkùnrin, ọdún 3, ìbà líle. Ó dé ní 9:40 alẹ́ lẹ́yìn ibà ọjọ́ mẹ́rin àti gìrì ẹ̀ẹ̀kan. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 12%. Wọ́n béèrè ẹ̀jẹ̀ ní 10:05, wọ́n sì gún un ní àtẹ́súnéètì ní 10:25. Ìwé lábù fi hàn pé àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ní 10:50. Bàbá ọmọ ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dé wọ́ọ̀dù ní 1:50 òru, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sí i lára ní 2:10. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí a rí kọ́kọ́ nínú fáìlì ni ti 3:15: mílígíráàmù 29 nínú dẹ́sílítà kan. Wọ́n fún un ní dẹ́kísítírósì 10% ní 3:20. Ó kú ní 4:05.

Lórí ṣúgà ni ìjíròrò pẹ́ jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan pè é ní àìbìkítà. Alága ní kí a kọ ohun tí fáìlì sọ nìkan. A kò rí àyẹ̀wò ṣúgà kankan nínú fáìlì láti 9:40 sí 3:15. Ìpàdé kò lè sọ bóyá wọn kò ṣe é ni, tàbí wọ́n ṣe é láìkọ ọ́. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọmọ 23. Apoògùn sọ pé sítírìpù ṣúgà ti tán ní wọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ náà, pé inú ilé oògùn ni ìyókù wà. Kò sí ìwé tó sọ ẹni tó gbé àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lọ sí lábù, tàbí ìgbà tó gbéra.

Aláìsàn kejì. Ọmọ oṣù 7, àrùn ọkàn àbímọ́ni. A kò rí ohun tó yẹ ká yí padà nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù láti ṣe:
- Páálí sítírìpù kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù nígbà gbogbo, kí a máa kà á ní gbogbo ìpààrọ̀ iṣẹ́. Apoògùn, Ajé, 18 Oṣù Kẹjọ.
- Àyè ṣúgà ní gbogbo wákàtí mẹ́rin lórí ìwé àkíyèsí fún gbogbo ọmọ tó ní ìbà líle. Métírọ́ọ̀nù, Ẹtì, 22 Oṣù Kẹjọ.
- Ìwé fún gbígbé àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lọ sí lábù: ẹni tó gbé e, àkókò tó gbéra, àkókò tó dé. Aṣojú lábù àti nọ́ọ̀sì àgbà. Ẹtì, 29 Oṣù Kẹjọ.
- Kí wọ́n pe àwọn òbí ọmọ kìíní, kí wọ́n sọ gbogbo èyí fún wọn, kí wọ́n sì gbọ́ ìbéèrè wọn. Alága fúnra rẹ̀. Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹjọ.

Ìpàdé tó ń bọ̀: Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án 2025. A parí ní 1:20 ọ̀sán.