Adùn mẹ́rin fún àsìkò ọdún: ìkéde láti ìdí ààrò

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú lílọ bíbọ̀. Àwa náà kò jókòó lásán níbí. Iná ààrò ti ń tètè jó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwé yìí kò ní pẹ́ kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, a ó gbé ìpápánu mẹ́rin jáde tí ẹ kò tíì jẹ rí lọ́wọ́ wa. Tí a bá ti ilẹ̀kùn ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, wọ́n parí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí a fi tirẹ̀ pamọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni mo máa kọ́kọ́ sọ, ẹ má bínú sí ojúsàájú mi. Kuroásáǹ ọsàn àti ṣokoléètì dúdú ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra kuroásáǹ wa láàárọ̀ mọ̀ ọ́n: eléwé-lórí-ewé yẹn, tó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sí ara aṣọ kí ẹ tó ráyè gbọn ọ́n. Ohun tó ń fún un ní ewé ni bọ́tà tí a tẹ́ sínú fúláwà pípò. A ó ká a sí mẹ́ta, a ó gbé e sínú fíríìjì kó sinmi, a ó nà án, a ó tún ká a sí mẹ́ta, títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá mọ ìṣirò ti mọ̀ pé ìpele bọ́tà 27 ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ooru ààrò bá bà á, omi inú bọ́tà á di ooru omi gbígbóná, á sì máa ti ìpele kọ̀ọ̀kan sókè kúrò lára èkejì. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi máa ń ní ihò bí afárá oyin. Bọ́tà kì í fara da ooru. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó ti ń yọ́. Tó bá yọ́ kó tó dé inú ààrò, ewé kankan kò ní sí, búrẹ́dì olóròóró lásán ni ẹ máa rí. Nítorí náà, yàrá tí a ti ń ṣe é tutù débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń wọ ẹ̀wù nípọn.

Ti ọsàn ńkọ́? Omi ọsàn kọ́ la ń lò. Adùn ọsàn tó máa ń fara da iná wà lára èèpo, nínú òróró tó wà ní ojú rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a máa ń ha á, torí pé funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ korò. Lẹ́yìn náà la ó fi ọwọ́ pò ó mọ́ ṣúgà títí ṣúgà yóò fi tutù, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba gbogbo ilé. Èèpo yòókù kò ní ṣòfò. A ó bọ̀ ọ́, a ó da omi rẹ̀ nù, a ó tún bọ̀ ọ́ nínú omi mìíràn kí kíkorò rẹ̀ lè lọ, ká tó wá fi í sórí iná jẹ́jẹ́ nínú ṣúgà títí yóò fi máa dán. Ṣokoléètì tó bá a rìn kò dùn púpọ̀. Àwọn kan tó tọ́ ọ wò ní ilé iṣẹ́ ní kí a lo ti oníwàrà, mo sì kọ̀. Ọsàn nílò ohun tó korò díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣúgà nìkan ni ẹnu á máa gbọ́.

Èkejì ni rólù sínámọ́nì àti dàbínù. Dàbínù yìí la fi rọ́pò èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà: a ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó yọ kóró rẹ̀, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó pò ó mọ́ bọ́tà àti sínámọ́nì, a ó sì tẹ́ ẹ sí inú fúláwà kí a tó ká a bí ẹní. Àwọn kan béèrè pé kí ló dé tí a kò da sínámọ́nì náà mọ́ fúláwà látilẹ̀, kí òórùn rẹ̀ lè kárí. Sínámọ́nì kì í bá ìwúkàrà rẹ́. Tó bá pọ̀ nínú fúláwà, ìwúkàrà á lọ́ra, rólù á kúrú, á sì le. Láàárín ìká kan àti èkejì, ó lè ṣe bó ti wù ú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ṣúgà jẹ, mi ò ní tàn yín: dàbínù náà ní ṣúgà tirẹ̀, ó sì pọ̀. A kò tà á fún yín bí oògùn. Adùn rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ṣúgà funfun lọ ni a ṣe yàn án.

Ẹ̀kẹta ni Dánísì atalẹ̀ olómi kọ́sítáàdì. Ata rẹ̀ kì í ta ẹnu lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ wàrà àti ẹyin, lẹ́yìn náà ni ọ̀fun á wá máa gbóná wẹ́rẹ́. A máa ń se atalẹ̀ náà kó tó dé inú wàrà, nítorí pé nígbà tó ṣì tútù, èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń tú purotéènì wàrà ká. Iná ló ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ni adùn rẹ̀ á ṣẹ́kù, kọ́sítáàdì á sì dúró.

Ẹ̀kẹrin kéré lójú: páì pẹlẹbẹ tó kún fún álímọ́ńdì lílọ̀, tí a fi kànáfùrù díẹ̀ díẹ̀ sí. Mo ní díẹ̀ díẹ̀. Kànáfùrù tó bá pọ̀ máa ń pa ahọ́n kú.

Wọ́n ti bi wá bóyá a ó fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé kun èyíkéyìí nínú wọn torí ọdún. Rárá o. Páálí wọn ló pupa.

Ìbéèrè tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìwé bí èyí ni pé, kí ló dé tí a kò kúkú máa ṣe wọ́n yípo ọdún? Ààrò tí a ní ò ju èyí tí a ní lọ, búrẹ́dì ojoojúmọ́ yín sì wà nínú rẹ̀. Kuroásáǹ kan ń gba ọjọ́ méjì láti ìgbà tí a bá pò ó títí dé ìgbà tí ẹ máa jẹ ẹ́, àyè fíríìjì ló sì ń gbà jù. Ní àsìkò ọdún, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa máa ń lọ sí ìsinmi, àyè á wá ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá padà, àyè náà á dí. Bóyá a lè tún dá ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn wà lọ́wọ́ èyí tí ẹ bá rà jù. A kò ṣèlérí.

Lórí owó, wọ́n ga ju ti ojoojúmọ́ lọ. Bọ́tà gidi ni a lò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, màjárínì kò wọ inú ọ̀kankan, álímọ́ńdì kì í sì í ṣe ọjà olówó pọ́ọ́kú. Iye ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára fọ́ọ̀mù tí a fi mọ́ ìwé yìí, àti iye páálí alábọ́ọ̀dé, tí mẹ́fà wà nínú rẹ̀, àti ti ńlá, tí méjìlá wà nínú rẹ̀. Ẹ lè pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sínú páálí kan bó ti wù yín. Ìdajì owó la máa ń gbà nígbà ìforúkọsílẹ̀, ẹ ó sì san ìyókù nígbà tí ẹ bá wá gbé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, pàápàá ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀bùn fún ẹlòmíì. Fúláwà àlìkámà, wàrà àti ẹyin wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Álímọ́ńdì wà nínú páì nìkan, ṣùgbọ́n orí tábìlì kan náà la ti ń ṣe gbogbo wọn, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ kò gba álímọ́ńdì tàbí irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ èyíkéyìí. Tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ara ẹni tí ẹ fẹ́ fún gbà á, ẹ bi í kí ẹ tó fún un. Kò sí ọtí nínú ọ̀kankan, kò sì sí ọ̀rá ẹran.

Ọjọ́ tí ẹ bá rà wọ́n ni wọ́n dùn jù. Tó bá ṣẹ́kù, ẹ má ṣe gbé kuroásáǹ, rólù tàbí páì sínú fíríìjì. Òtútù ibẹ̀ máa ń tètè mú kí ìyẹ̀fun inú wọn gan. Ẹ wé e dáadáa kí ẹ sì gbé e sínú fírísà. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ yọ ọ́ kí yìnyín ara rẹ̀ yọ́, kí ẹ wá gbé e sínú ààrò tó gbóná tó ìwọ̀n 160 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú 5 sí 8. Máíkírówéfù á rọ̀ ọ́ bí aṣọ tútù, gbogbo iṣẹ́ ewé yẹn á sì já sásán. Dánísì atalẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Kọ́sítáàdì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ dé inú fíríìjì láàárín wákàtí 2, kó sì tán lọ́jọ́ kejì. Ẹ má gbé e rin ìrìn àjò jíjìn. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ lọ kí àwọn òbí, rólù dàbínù ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ rà. Ó tún máa ń rọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì.

Agogo 7 àárọ̀ sí agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ni ilé ìtajà máa ń ṣí. A ó ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá àti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, torí àwọn tó ń yan án náà ní ilé tí wọ́n fẹ́ jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ ní ọjọ́ 24, ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ jù, kó jẹ́ kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé ọwọ́ wa kí ọjọ́ 20 tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó bá wà lórí àtẹ ni ẹ máa bá, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló sì ni ín.

Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, a ó gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wẹ́wẹ́ sórí àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsanwó, kí ẹ lè tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó pinnu. Ẹ mú àwọn ọmọ dání.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ọdún tó ń lọ yìí. A ń retí yín.

Tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Oníbúrẹ́dì yín,
fún gbogbo àwa tí a wà ní ìdí ààrò

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: ẹni tó bá nílò ju páálí ńlá mẹ́wàá lọ fún ibi iṣẹ́ tàbí ilé ìjọsìn, kó má kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Kó wá bá mi fúnra rẹ̀ láàárọ̀, kí a jọ wo ọjọ́ tí ààrò á lè gbà á.