A ti pé 50,000! Ẹ̀bùn wà nílẹ̀ fún ènìyàn mẹ́wàá

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ènìyàn wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé òní ni iye ẹ̀yin tó ń tẹ̀ lé wa lójú-ewé yìí pé 50,000. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti wà pẹ̀lú wa láti ìgbà tó jẹ́ pé ìpara kan ṣoṣo là ń tà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá. Ìbéèrè yín ló mú ojú-ewé yìí dàgbà. Ẹ bi wá ìdí tí ìpara kan fi ń ta yín lójú. Ẹ bi wá bóyá aláwọ̀ dúdú nílò ìpara oòrùn. Ẹ bi wá ìdí tí ojú fi ń yọ òróró tó bá di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ẹ ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbéèrè náà la máa fi gba orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn yìí.

Ohun tó wà nínú àpò ẹ̀bùn

Ènìyàn mẹ́wàá ló máa gbà á, àpò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú àpò náà ni ọṣẹ olómi ìfọjú wà, ìpara tí kì í jẹ́ kí ara gbẹ, ìpara oòrùn SPF 50, àti ìpara ètè. Ọjà tí à ń tà gan-an ni, nínú ike ńlá rẹ̀, kì í ṣe èyí tó kéré tí wọ́n máa ń fi tọ́ ènìyàn wò. A kò fi lọ́fínńdà sí ọ̀kankan nínú wọn, kò sì sí ohun tó ń bó ara níbẹ̀: kò sí haidirokuínóònù, kò sí mẹ́kúrì, kò sí sitẹ́rọ́ọ̀dù.

Ìpara rẹ́tínọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn kò sí níbẹ̀, a mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Àwọn dókítà máa ń ní kí aláboyún yẹra fún un, a kò sì lè mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa jáde.

Lójú tiwa, ìpara oòrùn yẹn ló ṣe kókó jù nínú àpò náà. Òótọ́ ni pé awọ dúdú ní ààbò díẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn a máa jẹ́ kí àpá irorẹ́ dúdú sí i, kó sì pẹ́ kó tó lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń náwó sórí àpá yìí láìfi nǹkan kan bo ojú lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ fi pa ojú àti ọrùn kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì tún un fi ní wákàtí méjì-méjì tẹ́ ẹ bá wà níta.

Bí ẹ ṣe máa kópa

1. Ẹ tẹ̀ lé ojú-ewé wa yìí lórí Instagram. Ẹni tó ti ń tẹ̀ lé wa tẹ́lẹ̀ ti ṣe tirẹ̀.
2. Ẹ kọ ìbéèrè kan nípa ìtọ́jú awọ ara sábẹ́ àtẹ̀jáde yìí.
3. Ẹ kọ ọ́ kó tó di aago 11:59 alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ní ìwọ̀n àkókò GMT.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kò ní ra ọjà kankan, ẹ kò sì ní san owó kankan. A kò ní kẹ́ ẹ dárúkọ ọ̀rẹ́ mẹ́ta, a kò ní kẹ́ ẹ gbé àtẹ̀jáde yìí sójú-ewé tiyín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn, ó dáa, àmọ́ kò fi kún àǹfààní yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwòrán ojú yín ránṣẹ́. Àwọn kan ti ń béèrè bóyá ẹni tí irorẹ́ tàbí àpá tirẹ̀ pọ̀ jù la máa fún. Rárá o. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú àṣírí ara rẹ̀ síta gbangba kó tó lè gba ọṣẹ ìfọjú lọ́wọ́ wa. A kò ní wo ìbéèrè tó dùn jù tàbí tó bani nínú jẹ́ jù, ìbò la máa ṣẹ́. Ẹni tó béèrè pé "Ṣé omi tútù ló dáa láti fi fọ ojú?" àti ẹni tó kọ ojú-ìwé gígùn, àǹfààní kan náà ni wọ́n ní.

Ìbéèrè kan ni fún ẹnì kan. Tẹ́ ẹ bá kọ mẹ́wàá, àkọ́kọ́ nìkan la máa kà. Ẹni tó bá ní ojú-ewé méjì, ọ̀kan ni kó lò. Tẹ́ ẹ bá pa ìbéèrè yín rẹ́ kí ìbò tó wáyé, orúkọ yín ti kúrò nìyẹn.

Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 lè kópa láti orílẹ̀-èdè yòówù tí a bá ti lè fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ wa, àwọn ará ilé wọn àti àwọn tó ń bá wa ta ọjà kò lè kópa.

Ìbò

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ GMT, a máa ṣe é lójú gbogbo yín nínú fídíò tààrà lójú-ewé yìí. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan máa ní nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bó ṣe tẹ̀ léra wọn. Ẹ̀rọ tó ń mú nọ́ńbà láìṣojúsàájú ló máa mú mẹ́wàá jáde, á sì tún mú mẹ́ta sí ìpamọ́.

A máa fi iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá jẹ. Wákàtí 72 lẹ ní láti dáhùn. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà ní ìpamọ́ ló kàn. Orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù la máa gbà, a ó sì pa wọ́n rẹ́ tí ẹrù bá ti dé ọ̀dọ̀ yín. Àwa la máa san owó ìfiránṣẹ́, tí owó ibodè bá sì wà, àwa náà ni. A kò ní fi owó rọ́pò ẹ̀bùn náà, ṣùgbọ́n ẹ lè ní ká fi ránṣẹ́ sí ìyá, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ yín.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀

Nírú àkókò báyìí ni wọ́n máa ń ṣí ojú-ewé tó jọ tiwa, tí wọ́n á máa kọ ọ́ sí ènìyàn pé "o ti jẹ ẹ̀bùn." A kò ní kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni kí ìbò tó wáyé. A kò ní béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì, ọ̀rọ̀ ìwọlé tàbí nọ́ńbà ìdánilójú tó wọlé sórí fóònù yín láé. Ẹni tó bá béèrè ọ̀kan nínú wọn, olè ni. Ẹ dí i pa, kẹ́ ẹ sì fi tó wa létí níbí.

Tí àpò bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú ohun kọ̀ọ̀kan pa inú apá, kẹ́ ẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Tó bá yún yín tàbí tó pọ́n, ẹ má fi kan ojú. Ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú awọ ara lọ́wọ́ dókítà, kó fi ike náà hàn án ná.

Instagram kọ́ ló ṣe ètò yìí, wọn kò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, wọn kò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá kópa ti gbà pé Instagram kò jẹ òun ní gbèsè kankan lórí rẹ̀. Àwa ni kẹ́ ẹ bi ní gbogbo ìbéèrè.

Yálà orúkọ yín jáde tàbí kò jáde, a máa fi fídíò dáhùn àwọn ìbéèrè tó bá wọ́pọ̀ jù. Ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiyín nísàlẹ̀ báyìí.