Ẹ̀gẹ́ ń jáde lóko wa lónìí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà lọ́pọ̀, ẹ bọ́ síbí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ wo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lóko wa láàárọ̀ yìí, ọjọ́ ìkórè la wà yìí o! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sún fídíò yìí kọjá, ẹ wò ó débi tó parí sí, torí ohun tí kọ́sítọ́mà máa ń bi mí jù ló wà níbẹ̀, èyí tí ò sí nínú fídíò mo ti kọ ọ́ síbí, ẹ fara balẹ̀ kà á kẹ́ ẹ tó fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́.

Ẹ wo mọ̀mí tó wà níwájú yẹn tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá igi ẹ̀gẹ́ mú. Wọn ò kàn já a lójijì o. Wọ́n kọ́kọ́ mì í síbí, wọ́n mì í sọ́hùn-ún kí ilẹ̀ ìdí ẹ̀ lè tú, wọ́n wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ gbọ́ bí àwọn gbòǹgbò kéékèèké yẹn ṣe ń já, óyá, ó ti jáde! Odidi ìdì kan, kò sí èyí tó kán sínú ilẹ̀. Téèyàn bá fi ìbínú já a, ìdajì á kù sílẹ̀, èyí tó sì jáde á ti lọ́gbẹ́ lára, ojú ọgbẹ́ yẹn gan-an ni ìbàjẹ́ sì máa ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń jẹ́ kí ẹni tó ń kánjú hú ẹ̀gẹ́ lóko mi.

Ẹ tún wo bọ̀dá tó mú àdá yẹn, bó ṣe ń gé e kúrò lára igi. Ó ń fi ọrùn díẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀, kì í gé e wọnú ara. Ọrùn yẹn wúlò gan-an, ó máa ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá wà nílẹ̀, kò sí wàhálà, ẹ lè fi í síbẹ̀ kó máa pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n tó bá ti jáde báyìí, láàárín ọjọ́ 2 sí 3 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìlà dúdú nínú, èyí tó lọ́gbẹ́ tiẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń hú ẹ̀gẹ́ jọ kí n máa wá oníbàárà kiri. Ọ́dà ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà la tó ń hú. Èyí tẹ́ ẹ ń wò tí wọ́n ń kó sọ́kọ̀ yìí, ẹni tó ni ín ti sanwó, ó sì ń retí ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Ní àárín fídíò ẹ máa rí ibi tí mo ti kán ọ̀kan sí méjì. Ẹ gbọ́ ìró ẹ̀! Ẹ wo inú ẹ̀ bó ṣe funfun, kò sí ìlà dúdú, kò sí ìlà búlúù, oje funfun yẹn ṣì ń jáde léteetí. Ibi yòówù kẹ́ ẹ ti máa ra gbáàgúdá, kódà tí kì í bá ṣe lọ́wọ́ mi, ẹ kán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìta lè dáa kí inú ti bàjẹ́.

Irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TME 419 ló pọ̀ jù ní apá tá à ń hú lónìí, ó ti kọjá oṣù 11 nílẹ̀, ó gbó dáadáa, kò sì tíì le débi táá fi máa yọ okùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ mọ bí okùn yẹn ṣe ń fìyà jẹ ẹ̀rọ. Ẹ wo àwọn igi lápá ọ̀tún tí ò léwé lórí mọ́, ṣe la gé orí wọn sílẹ̀, àwọn yẹn jẹ́ ti oníbàárà tó ń gbé e lọ ọ̀nà jíjìn. Tí wọ́n bá gé orí ẹ̀gẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí wọ́n tó hú u, kì í tètè bàjẹ́ bíi ti èyí tó léwé lórí. Ṣùgbọ́n sítáàsì inú ẹ̀ lè dín kù díẹ̀ o, torí náà, tó bá jẹ́ fákítírì sítáàsì lẹ fẹ́ gbé e lọ, ẹ tètè sọ fún mi, mi ò ní gé orí tiyín.

Ẹ̀yin alágaàrí, mo mọ̀ pé ìbéèrè yín ni pé tọ́ọ̀nù mélòó ló máa tó yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, tọ́ọ̀nù 4 sí 5 ẹ̀gẹ́ tútù ló ń di tọ́ọ̀nù 1 gaàrí. Ẹ fi ìyẹn ṣírò ọ́dà yín. Tí òjò bá sì ti rọ̀ gan-an lẹ́yìn ọ̀dá, omi máa ń pọ̀ nínú ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa rí nínú ẹ̀ á sì dín kù, èmi fúnra mi máa ń sọ fún oníbàárà pé kó fún mi láyè díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ràn kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ rí èrè ju kẹ́ ẹ kánjú kẹ́ ẹ má padà wá mọ́.

Tọ́ọ̀nù 1 lọ́dà ti bẹ̀rẹ̀. Tí agbára yín ò bá tíì ká a, ẹ̀yin mẹ́ta mẹ́rin ẹ para pọ̀, ẹ jọ san án, a máa wọ̀n ọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún yín. Ojú yín la ó ti gbé e sórí síkéèlì, a ti máa gbọn yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ dànù kó tó gorí ẹ̀, torí ẹ̀gẹ́ lẹ fẹ́ rà, ẹ ò ra ilẹ̀. Àmọ́ a kì í fomi fọ̀ ọ́ o, ẹ má bẹ̀ mí sí i, omi ò dáa fún un lójú ọ̀nà. Ìdajì owó kẹ́ ẹ tó dájọ́, ìdajì tó kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán. Tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò tiyín, ẹ rí i pé ó dé láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ mú tapólì tẹ́ ẹ máa fi bò ó dání, ẹ kàn má dì í pa pátápátá, ó nílò atẹ́gùn. Tẹ́ ẹ ò bá ní, a mọ àwọn awakọ̀ tó máa ń gbé e, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀ sá.

Igi ẹ̀gẹ́ fún gbíngbìn náà wà, àwọn tí ara wọn dá ṣáká nìkan là ń tà. Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ nà án ró síbi ìbòòji, ẹ má fi í sínú oòrùn.

Ọ̀sẹ̀ yìí ti kún o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ là ń gba ọ́dà fún báyìí. Ẹ wọ ìnbọ́ọ̀sì, ẹ kọ iye tọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ fẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, àti bóyá mọ́tò wà lọ́wọ́ yín tàbí kò sí. Ẹ má kàn kọ "èló ni" nìkan, torí iye tọ́ọ̀nù àti bí ọ̀nà ṣe jìn ló máa sọ iye tí mo máa pè é. Tí mi ò bá tètè dáhùn, oko ni mo wà, màá dá yín lóhùn tó bá di alẹ́.

#Ẹ̀gẹ́Tútù #Ọjọ́Ìkórè #Gbáàgúdá #Àgbẹ̀Ẹlẹ́gẹ́