Ìwé Ìtọrọ Àfikún Àsìkò Lórí Owó Aṣọ

Ìtòkú, Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4 oṣù Keje, 2025.

Àlàájà Sàídátù Adébáyọ̀,
Ọjà Gbági,
Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin Àlàájà wa,

ÀFIKÚN ÀSÌKÒ LÁTI SAN ₦1,320,000 TÓ KÙ LÓRÍ ÍNFỌ́ÌSÌ 0417

Ẹ kú ọjà, ẹ kú òjò. Ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé o. Mo kí gbogbo ilé, àti àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù lápapọ̀.

Nípa aṣọ tí mo gbà lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bọ́ńdù kọ́tìn funfun 40 ni, ₦42,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bọ́ńdù bírókéèdì 10, ₦24,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,920,000. Mo san ₦600,000 lójú ẹsẹ̀, ó ku ₦1,320,000, a sì jọ ṣe àdéhùn pé n óò san án láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ 10 oṣù Keje, ni ọjọ́ náà pé. Owó náà kò ní í pé lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí n sì san èyí tó kẹ́yìn ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì ń bọ̀ ní Gbági lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 8. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìwé ṣáájú mi dé, kí ẹ̀yin àti Bọ̀dá Ràṣídì tó ń bá yín ṣe ìwé owó lè fara balẹ̀ wò ó, kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ẹ̀yin náà ní àwọn tí ẹ ń san owó fún ní Èkó, ó sì yẹ kí ẹ tètè mọ iye tí yóò wọlé láti ọ̀dọ̀ mi àti ìgbà tí yóò wọlé, kó tó di pé ẹ fi owó náà ṣèlérí fún ẹlòmíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Bọ́ńdù 30 nínú kọ́tìn yẹn, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan níbí ni mo fi pa láró fún. Ọ̀pá 900 ni, ọ̀pá márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ 180, ₦2,800 ni a dá ọ̀pá kan lé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,520,000. Wọ́n san mílíọ̀nù kan náírà sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo ti yọ ₦600,000 tí mo gbé wá fún yín; mo fi ìyókù ra ìda, háídírò àti kọ́sítíìkì sódà, mo sì fi san owó àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́. Inú oṣù Keje yìí ni wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé n óò san tiyín láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tí aṣọ ti gbẹ tán, tí a ti lù ú, tí a ti ká a, ni wọ́n sọ pé àjọ̀dún ti di oṣù Kẹsàn-án. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá kò tíì pé, wọn kò sì lè gba aṣọ títí yóò fi pé.

Àlàájà, ẹ̀yin mọ iṣẹ́ yìí. Ká ní adìrẹ lásán ni, mi ò bá ti gbé e síta ní Ìtòkú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kí n tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àmì ẹgbẹ́ wọn ni a gbẹ́ sára fóòmù, òun ni a rì bọ ìda gbígbóná tí a fi tẹ gbogbo aṣọ náà, pẹ̀lú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò rà á. Aṣọ wà, ó dára, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀, àmọ́ àwọn yẹn nìkan ló lè sọ ọ́ di owó.

N kò jókòó kí n máa retí wọn. Mo lọ bá alága àti akápò wọn, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ìwé tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Wọn yóò san ₦500,000 ní ọjọ́ 28 oṣù yìí, kí wọ́n gba ìwọ̀nba aṣọ tó bá owó náà mu, wọn yóò sì san ₦1,020,000 tó kù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó kó ìyókù. Ẹ̀dà ìwé náà wà nínú àpò-ìwé yìí. Aṣọ ṣì wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ mi. Kò sí ọ̀pá kan tí yóò jáde láìsan.

Orí èyí ni mo gbé ètò ìsanwó mi lé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje gan-an, ọjọ́ tí a dá, n óò san ₦350,000. Èyí kò sí lórí ẹgbẹ́ yẹn rárá: èsúsú tí èmi àti àwọn aláró ẹlẹgbẹ́ mi ń dá ló kàn mí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ 9 ni n óò sì kó o. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, n óò san ₦350,000 mìíràn nínú owó àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ bá san. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, n óò san ₦620,000, kí gbogbo rẹ̀ parí. Inú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù yín ni n óò máa fi í ránṣẹ́ sí, n óò sì máa kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì sí i kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò fi gbé gbogbo ₦500,000 ti oṣù Keje wá. Àwọn tó ń tẹ ìda àti àwọn tó ń fọ aṣọ kò lè dúró di oṣù tó ń bọ̀, ojúmọ́ ni wọ́n ń gba owó. Àwọn tó ń ta háídírò náà kì í ta àwìn mọ́, bí owó kò bá sí lọ́wọ́, aró kò ní í bọ́ sínú agbada. Bí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ fún yín, iṣẹ́ yóò dúró, tí iṣẹ́ bá sì dúró, owó oṣù Kẹjọ nìkan ni n óò máa wò. Mo fẹ́ kí ọ̀nà méjì wà tí owó yín lè gbà dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìdí nìyí tí n óò fi sọ̀rọ̀ nípa bọ́ńdù kọ́tìn 8 tí a kò tíì tú, tí èdìdì ilé-iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦336,000. Bí ó bá wù yín láti gbà á padà, mo gbà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè, n óò sì kó o wá fún yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá bi mí, ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Òjò ti pọ̀ ju ohun tí a lè fi sá aṣọ lọ láti àárín oṣù tó kọjá. Aṣọ tó yẹ kí ó gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀ lóòrùn ń lo ọjọ́ méjì lábẹ́ òrùlé, àwọ̀ rẹ̀ sì lè ṣú bí ọ̀rinrin bá pẹ́ lára rẹ̀. Òjò sábà máa ń dá díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ìgbà yẹn ni mo fẹ́ pa bọ́ńdù 8 yìí láró, kí n tà á ní ọ̀pá-ọ̀pá fún àwọn oníbàárà tó máa ń ti Èkó wá sí Ìtòkú. N kò lè fi owó lé e kí n fi tètè rí èrè, nítorí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà tó jọ adìrẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ wa tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú, ó sì ń dun àwa tí a ń fi ọwọ́ ṣe é gan-an. Síbẹ̀, ẹni tó mọ adìrẹ ṣì ń wá a wá.

Bí ẹgbẹ́ bá kùnà ní oṣù Kẹjọ, èmi ni mo jẹ yín, kì í ṣe ẹgbẹ́. Nígbà náà, n óò san ₦310,000 ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ láti inú ohun tí a bá tà ní Ìtòkú, n óò sì san ₦310,000 tó kù ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Kò ní í kọjá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó tún wà. Ẹ ti yọ ₦1,000 fún mi lórí bọ́ńdù kọ́tìn kọ̀ọ̀kan nítorí pé mo gbà láti san láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Mo mọ̀ pé ẹ kì í gba èlé lórí gbèsè, n kò sì ní í fi lọ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ₦40,000 ẹ̀dínwó yẹn kò tọ́ sí mi mọ́, ẹ fi kún owó ìkẹyìn, n óò san án láìjanpata. Bákan náà, n kò ní í béèrè àwìn tuntun títí gbèsè yìí yóò fi tán. Ohunkóhun tí mo bá rà títí di ìgbà náà, owó lójú ẹsẹ̀ ni.

Mo mọ ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín. Láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà 2023, owó tí ẹ fi ra bọ́ńdù kan lánàá kò jọ ti òní, ẹni tó bá sì pẹ́ kó tó san owó lè jẹ́ kí ẹ ra èyí tó kéré. N kò gbàgbé náà pé ní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti gbogbo ọjà pa nítorí àrùn kòrónà, ẹ kò yọ mí lẹ́nu títí ọjà fi ṣí, mo sì san gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2023 tí owó tuntun kò sí, tí báńkì kò rí owó fún wa, ẹ gba kí n máa san díẹ̀díẹ̀ sórí fóònù, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó kù. Láti ọdún 2016 ni mo ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ₦1,320,000 da ohun tí a ti jọ ṣe láti ìgbà náà rú.

Bí ètò yìí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì ìwé yìí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún mi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá fẹ́ kí a yí ọjọ́ tàbí iye kan padà, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, n óò wá gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Yálà ẹ ti dáhùn tàbí ẹ kò tíì dáhùn, ₦350,000 àkọ́kọ́ yóò wọlé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Ràṣídì. Mo dúpẹ́ púpọ̀.

Èmi ni ọmọ yín àti oníbàárà yín,

Ọláwùmí Ṣódípọ̀
Aláró, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

Ohun tó wà nínú àpò-ìwé: ẹ̀dà ínfọ́ìsì 0417; rìsíìtì ₦600,000 ti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà; ẹ̀dà ìwé àdéhùn ẹgbẹ́; ẹ̀dà kejì ìwé yìí.