Ẹ Bá Mi To Ìrìn Àjò Omi: Iṣẹ́ Àṣetiléwá fún Kíláàsì Karùn-ún

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Gbólóhùn mẹ́jọ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Wọ́n ń sọ bí omi ṣe ń kúrò nínú Odò Ògùn, tó ń lọ sókè, tó sì tún ń padà wálẹ̀ sí Abẹ́òkúta wa níbí. Mo ti da gbogbo wọn rú. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ tò wọ́n bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ẹ gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, kí ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì tàbí sórí ẹní, kí ẹ máa sún wọn síwá sẹ́yìn. Ẹ má tíì lẹ ohunkóhun mọ́ ìwé.

A. Inú ìkúùkuu yẹn ni àwọn ẹ̀kán omi ti ń kọlu ara wọn tí wọ́n ń dàpọ̀, títí wọ́n fi wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé dúró.

B. Díẹ̀ nínú omi tó gbóná yìí di ọ̀rinrin tí ojú kò lè rí, ó sì bá afẹ́fẹ́ gbéra.

D. Omi tó rọ̀ sórí Olúmọ ṣàn wálẹ̀. Apá kan wọnú ilẹ̀, apá kan bá gọ́tà lọ sínú odò.

E. Nígbà tó tutù tó, ó lẹ̀ mọ́ eruku tín-ín-tìn-ìn-tín inú afẹ́fẹ́, ó sì di ẹ̀kán omi tó kéré gan-an.

Ẹ. Oòrùn yọ, ó ń ràn sórí Odò Ògùn ní Láfẹ́nwá, ojú omi sì ń gbóná.

F. Wọ́n já bọ́ láti òkè. Òjò dé nìyẹn.

G. Àìmọye ẹ̀kán omi bẹ́ẹ̀ kó ara wọn jọ, a sì ń rí wọn bí ìkúùkuu funfun tàbí dúdú lójú ọ̀run.

GB. Bí ọ̀rinrin náà ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ló ń tutù, torí pé òkè tutù ju ilẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká jọ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yípo ni, kò ní orí kò ní ìrù, nítorí náà èmi ni mo yan ibi tí a ó ti gbéra: Ẹ, níbi tí oòrùn ti yọ. Ẹlòmíì lè gbéra láti orí òjò, kò sì ní ṣìnà, bó bá ṣáà ti tẹ̀lé ọ̀nà náà yí ká.

Látibẹ̀ lọ, ẹ má gbìyànjú láti rántí ohun tí mo kọ sójú pátákó. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú, kí ẹ bi í pé: "Kí ló gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ìwọ tó lè ṣẹlẹ̀?" Ẹ wo B. Ó ní "omi tó gbóná yìí". Èwo ni "yìí"? Ó ní láti jẹ́ pé gbólóhùn kan ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé omi kan gbóná. Ẹ nìyẹn. A ti rí méjì. Ẹ máa wá irú ọ̀rọ̀ kéékèèké báwọ̀nyí: "náà", "yẹn", "bẹ́ẹ̀", "wọ́n". Wọ́n máa ń nawọ́ sí gbólóhùn tó ṣáájú wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti máa ń kọsẹ̀ ni àárín GB, E àti G. Ẹ máa ń gbé ìkúùkuu sí ẹ̀yìn oòrùn lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé omi kúrò lódò ó di ìkúùkuu. Rárá o. Ọ̀rinrin kì í ṣe ìkúùkuu. Ẹ lọ wo kẹ́tùrù tó ń hó nílé, kí ẹ jìnnà sí i díẹ̀ kó má baà jó yín. Lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ gan-an, ẹ ó rí àlàfo kékeré kan tó dà bíi pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ọ̀rinrin ló wà níbẹ̀. Ohun funfun tó wá ń rú níwájú àlàfo yẹn, ọ̀rinrin tó ti tutù tó ti padà di ẹ̀kán omi ni. Irú rẹ̀ gan-an ni ìkúùkuu. Àmọ́ odò kò ní láti hó bíi kẹ́tùrù kí omi rẹ̀ tó lè lọ sókè. Àdìrẹ tí wọ́n sá ní Ìtòkú gbẹ láìjẹ́ pé omi ara rẹ̀ hó.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí E, ẹ gbé píọ̀ wọ́tà tútù kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ara ọ̀rá rẹ̀ á làágùn. Àwọn kan sọ fún mi pé omi inú rẹ̀ ló ń jò jáde. Mo bá wọn bu sóbò pupa tútù sínú ife, òógùn tó bo ara ife kò pupa rárá, ó mọ́ gaara. Inú afẹ́fẹ́ yàrá wa ló ti wá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, torí ọmọ tó kọ́kọ́ ta kò mí ló fúnra rẹ̀ fi ìka tọ́ ọ wò.

Ó ku D. Abẹ́ òkúta là ń gbé lóòótọ́, omi kì í sì í rọrùn wọnú àpáta. Ìdí nìyẹn tí àgbàrá fi máa ń yára kún gọ́tà wa. Odò Ògùn á gbé omi náà gba ìsàlẹ̀ lọ sínú ọ̀sà l'Ékòó. Oòrùn á sì tún ràn.

Iṣẹ́ kejì kúrú. Èyí kò yípo, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Bí wọ́n ṣe ń sọ omi odò di omi ẹ̀rọ ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Arakanga.

I. Wọ́n da kúlórínì sí omi tó ti jáde nínú iyanrìn, kó lè pa kòkòrò àrùn.

K. Ẹ̀rọ fa omi pọ́n-ún-pọ́n-ún láti inú odò.

L. Omi tó dá lókè gba àárín iyanrìn kọjá, èérí tó ṣẹ́ kù há síbẹ̀.

M. Wọ́n po álọ́ọ̀mù mọ́ omi odò náà, èérí tó fọ́n ká sì ń lẹ̀ mọ́ra wọn.

N. Wọ́n fi omi sílẹ̀ kó dákẹ́, èérí tó ti dì pọ̀ rì sísàlẹ̀.

Ẹ mú ìwé yín wá ní ọjọ́ Ajé.

Ìdáhùn, fún òbí àti ẹ̀gbọ́n tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká apá yìí sẹ́yìn kí ọmọ má rí i. Àkọ́kọ́: Ẹ, B, GB, E, G, A, F, D. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ láti F tó sì yí i ká dé A láìṣì, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Ìkejì: K, M, N, L, I. Bí ó bá gbé kúlórínì ṣíwájú iyanrìn, ẹ má kàn fi ìlà pupa fà á. Ẹ bi í pé kí ni kúlórínì máa bá jà nínú omi tó ṣì kún fún èérí. Èérí náà ni yóò jẹ púpọ̀ nínú kúlórínì yẹn, ìwọ̀nba ni yóò sì ṣẹ́ kù fún kòkòrò àrùn. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, kó tó sún ìwé náà síbi tó yẹ.