Àbọ̀ Àyẹ̀wò Àbá Ìwádìí: Àtẹ̀jíṣẹ́ Ìrántí àti Lílo Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Sí olùwádìí, nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ gíga

Ìpinnu: kí ẹ tún àbá náà ṣe, kí ẹ sì dá a padà fún àyẹ̀wò kejì.

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé dání tó ohun tí à ń wádìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní àmì, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá kì í tètè rí ìdí tó fi yẹ kí òun máa lo oògùn lójoojúmọ́. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù bá lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, owó kékeré ni yóò náni. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí yọrí, ìdí nìyẹn tí mo fi tú u wò finnífinní.

Ìbéèrè yín, “Kí ni ipa fóònù lórí ìlera àwọn aláìsàn?”, fẹ̀ jù. Fóònù wo, ìlera wo, aláìsàn wo? Nínú ojú ìwé kẹta ni ẹ ti sọ ohun tó wà lọ́kàn yín gan-an, kí ẹ gbé e síwájú: láàárín àwọn àgbàlagbà tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún oṣù 6, ó kéré tán, ǹjẹ́ àwọn tó bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ ìrántí lójoojúmọ́ fún oṣù 3 á lo oògùn wọn déédéé ju àwọn tí kò gbà á lọ? Kí ẹ sì sọ ohun tí “déédéé” jẹ́. Ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń gbà pé ẹni tó lo ìdá 80 nínú 100 oògùn tí wọ́n kọ fún un, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló lò ó déédéé.

Ibi tó ká mi lára jù ni àárín èròǹgbà kìíní àti ìlànà rẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi hàn pé àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń mú kí àwọn ènìyàn lo oògùn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ fi ìwé ìbéèrè bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn tó ti fi orúkọ sílẹ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́ àti àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó ti ń kíyè sí oògùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá ṣe dáadáa jù, a ò ní mọ̀ bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ ni tàbí ìwà wọn. Ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ dín èròǹgbà náà kù sí ìbáṣepọ̀ àárín méjèèjì, tàbí kí ẹ fi ìbò pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́ méjì. Èkejì ni mo fara mọ́. Kí ẹ sì máa ka oògùn tó ṣẹ́ kù nínú páálí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwọn lo oògùn ju bí wọ́n ṣe lò ó lọ.

Èròǹgbà kejì bá ìlànà rẹ̀ mu. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹta fẹ́ mọ ìdí tí àwọn kan fi pa oògùn tì, “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” kò sì lè sọ ìyẹn fún yín. Ẹ jókòó ti bíi ènìyàn 15, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹ̀kẹrin, lórí wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kò ní ìlànà rárá: irú ẹ̀rọ wo, ìgbà mélòó, ṣé ẹni náà á kọ́kọ́ sinmi fún ìṣẹ́jú 5? Mo dámọ̀ràn pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Iye ènìyàn 384 tí ẹ mú jáde láti inú n = z²pq/d² wà fún wíwọn bí nǹkan ṣe wọ́pọ̀ tó, kì í ṣe fún fífi ọ̀wọ́ méjì wéra. Bí ẹ bá retí pé lílo oògùn déédéé á gbéra láti ìdá 50 sí ìdá 65 nínú 100, pẹ̀lú agbára ìdá 80 láti rí ìyàtọ̀ náà bó bá wà, àti ààyè àṣìṣe ìdá 5, ẹ nílò ènìyàn 167 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi àyè sílẹ̀ fún ìdá 10 tó lè jáwọ́, 186 ni, àpapọ̀ 372.

Ṣé oṣù 12 tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún gbogbo iṣẹ́ náà tó? Ọjọ́ méjì ni kílíníìkì tí ẹ ti fẹ́ ṣe ìwádìí ń ṣí lọ́sẹ̀. Ìwé ìbéèrè yín ń gba ogójì ìṣẹ́jú, nítorí náà ènìyàn 8 lóòjọ́ ni ẹ lè bá sọ̀rọ̀: ọ̀sẹ̀ 24 fún gbígba àwọn ènìyàn wọlé nìkan, nígbà tí ẹ kọ ọ̀sẹ̀ 12. Mo tọpa ìbéèrè 62 inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. 27 nínú wọn kò dáhùn èròǹgbà kankan. Ẹ gé wọn, kí ìjíròrò kọ̀ọ̀kan dín sí ogún ìṣẹ́jú, ẹ ó sì lè rí ènìyàn 16 lóòjọ́. Ọ̀sẹ̀ 12 á tó nìyẹn, oṣù 3 fún ìtẹ̀lé, ìyókù fún ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ àti ìwé kíkọ.

Ohun kan tún kù tí àbá náà kò mẹ́nu bà. Fóònù kan lè jẹ́ ti gbogbo ilé. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá dárúkọ àìsàn ti tú àṣírí ẹni náà nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má dárúkọ àìsàn tàbí oògùn, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sínú àbá kí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ lè kà á.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ so lẹ́tà ìyọ̀ǹda kílíníìkì mọ́ ọn. Mi ò rí i láàárín àwọn ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́.